Wọ́n ní fáìlì náà ti yege, etí mi ní kò yege: àgbéyẹ̀wò iṣẹ́ àtúnṣe PDF

"Ṣí ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀, kí o fa bébà tó há jáde." Bí NVDA, ètò tó ń ka ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà sókè fún afọ́jú, ṣe kà á sí mi létí nìyẹn, látinú ìwé ìlò ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí mo sanwó fún kí wọ́n tún ṣe fún etí afọ́jú. Mo ṣe bó ṣe wí. Ọpẹ́lọpẹ́ pé ẹ̀rọ náà ti wà ní pípa látàárọ̀. Ìgbà tí mo kà á dé ìsàlẹ̀ ojúewé, tí ó ti ka nọ́ńbà ojúewé pàápàá tán, ni mo tó gbọ́ pé: "Ìkìlọ̀! Pa ẹ̀rọ, kí o sì jẹ́ kí ó tutù kí o tó ṣí ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn."

Inú bí mi débi pé mi ò lè jẹun.

Ẹni tó ríran ò ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣe ojúewé yẹn. Lójú tiwọn, àpótí ìkìlọ̀ wà lókè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n NVDA kì í wo ibi tí ọ̀rọ̀ jókòó sí. Àwọn táàgì tó wà lábẹ́ PDF, àmì tí ojú kì í rí tó ń sọ ohun tí apá kọ̀ọ̀kan jẹ́, ló ń tẹ̀ lé, látòkè lọ sísàlẹ̀. Ẹni tó ṣe ìwé náà ló ya àpótí yẹn kẹ́yìn, tó gbé e léfòó sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀rọ̀, ni táàgì rẹ̀ bá lọ bá ìparí.

Mo kọ ímeèlì sí ilé iṣẹ́ tó ṣe àtúnṣe náà. Arábìnrin tó dá mi lóhùn níwà, kí n má parọ́ mọ́ ọn. Ó ní, "Ẹ má bínú, sà, fáìlì yín ti yege nínú àyẹ̀wò," ó sì fi èsì àyẹ̀wò Acrobat, ètò tí wọ́n fi ń tún PDF ṣe, tì í lẹ́yìn. Mo kà á láti orí dé ìdí. Ó wà níbẹ̀ gbangba: `Logical Reading Order - Needs manual check`. Acrobat kì í fúnra rẹ̀ fi ìlà yẹn sí yíyege láé, nítorí kò lè mọ èwo ló yẹ kó ṣáájú. Ó fi sílẹ̀ fún ènìyàn. Mo bi í pé, "Mà, ta ló wá yẹ̀ ẹ́ wò?" Ó ní òun á béèrè. Títí di òní, mi ò gbọ́ èsì ìbéèrè yẹn.

Wọ́n dá fáìlì padà, wọ́n ní ó ti tó. Ìkìlọ̀ ṣì wà nídìí! Wọ́n ti lọ tò ó nínú `Order` ní Acrobat, wọn ò sì fọwọ́ kan `Tags`, níbi tí àwọn táàgì wà, tí ó jẹ́ pé òun ni NVDA ń kà. Mo tẹ H láti fò lọ sórí àkòrí, ó ní "no next heading". Lẹ́tà ni wọ́n sọ di ńlá, tí wọ́n mú dúdú; ìyẹn kì í ṣe àkòrí létí mi. Àwòrán ńkọ́? "Àwòrán ẹ̀rọ ìtẹ̀wé." Ẹ ṣeun o, mo ti fura.

Lẹ́yìn èyí ni ọkùnrin kan pè mí, òun ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún báyìí. Kò gbèjà ẹnikẹ́ni. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká jọ gbọ́ ọ." Ó tan NVDA tirẹ̀, ó pa ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó sì gbọ́ ojúewé náà tán. Ó kọ́kọ́ dákẹ́, ó wá ní, "Ah! Èyí lè jó yín lọ́wọ́."

Kò fa táàgì kiri. Fáìlì ìpìlẹ̀ ló ní kí n fi ránṣẹ́. Ó yọ àpótí tó léfòó kúrò, ó kọ ìkìlọ̀ náà bí ìpínrọ̀ lásán ṣáájú ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́, ó sì fi ìlà yí i ká, kí ojú lè ṣì rí àpótí. Bí wọ́n bá ti tún sọ ọ́ di PDF, ó ti tò fúnra rẹ̀. Orúkọ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan di àkòrí ìpele kejì. Mo tẹ 2, mo bá ara mi ní "Bébà há". Àwọn ìlà ọ̀ṣọ́ tí NVDA máa ń pè ní àwòrán, ó sọ wọ́n di `Artifact`, kẹ́kẹ́ pa mọ́ wọn lẹ́nu. Àpèjúwe àwòrán wá di: "Ọwọ́ ìlẹ̀kùn wà lápá òsì, lókè, ní ẹ̀yìn ẹ̀rọ. Fà á sọ́dọ̀ ara rẹ." Mo na ọwọ́, mo bá a níbẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín, èmi nìkan nínú yàrá.

Wọn ò dá owó kánjúkánjú tí mo san padà, bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ ò yá. Ọkùnrin yẹn náà sọ fún mi pé òun nìkan ló ń fi etí yẹ fáìlì wò níbẹ̀. Bó bá lọ sí ìsinmi, kí ẹ fọwọ́ mú ohun tí ẹ bá rí.

Ìràwọ̀ 4 nínú 5.