Ìkìlọ̀: Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ "lọ́dún" sí kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé íńtánẹ́ẹ̀tì

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń ṣòwò ní Àbújá, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ní Kubwa, Bwari àti Dutse Alhaji, ẹ gbọ́ o. Àwọn kan ń gbé ìwé àdéhùn íńtánẹ́ẹ̀tì kiri, wọ́n kọ 99.5% gàdàgbà sí iwájú rẹ̀, wọ́n ní ìdá àkókò tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì àwọn máa fi wà nìyẹn, pé kì í lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fọwọ́ sí i.

Ọdún kan jẹ́ wákàtí 8,760. Ẹ ṣírò ohun tí 99.5% ṣẹ́ kù nínú rẹ̀:

```
8760 × (100 − 99.5) ÷ 100 = 43.8
```

Wákàtí 43 àti ìṣẹ́jú 48 nìyẹn, ó kù díẹ̀ kó pé ọjọ́ méjì. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè lọ fún gbogbo àkókò yẹn láàárín ọdún, wọn ò sì ní jẹ yín ní kọ́bọ̀. Èyí tó burú jù níbẹ̀ ni pé kò sí ibi tí ìwé náà ti ní kí wọ́n pín in sí díẹ̀díẹ̀. Wọ́n lè lò ó tán lẹ́ẹ̀kan náà, lọ́jọ́ tí ọjà yín gbóná jù.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àbúrò mi obìnrin ní Kubwa nìyẹn. Ó ń bá àwọn ọmọ fi orúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò, àsìkò sì ti ń tán lọ. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ láago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, kò padà títí aago kan òru mọ́jú ọjọ́ Àìkú. Wákàtí 41 gbáko. Àwọn ọmọ tó wà lórí ìlà kó ìwé wọn, wọ́n gba ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíràn lọ. Nígbà tó ní kí wọ́n yọ nǹkan kúrò nínú ₦80,000 tó ń san lóṣù, ọmọkùnrin tó tà á fún un dáhùn pé: "Àǹtí, ẹ má bínú. Ẹ wo ojú ìwé kẹta, lọ́dún la kọ síbẹ̀. Ó dìgbà tí ọdún bá parí ká tó ṣírò."

Lóòótọ́ ló wà níbẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ sì kéré bí ẹyin èèrà. Tí ẹ bá fi wákàtí 41 yẹn wé odidi ọdún, 99.53% ló máa jáde. Wọ́n mú àdéhùn ṣẹ nìyẹn. Ká ní lóṣù ni wọ́n kọ ńkọ́? Oṣù ọlọ́jọ́ 30 jẹ́ wákàtí 720, ohun tí 99.5% gbà wọ́n láàyè níbẹ̀ kò ju wákàtí mẹ́ta àti ìṣẹ́jú 36 lọ. Wákàtí 41 ì bá fà wọ́n wálẹ̀ sí 94.3%, wọn ì bá sì jẹ ẹ́ lówó.

Ẹ tún ka ìlà tó tẹ̀ lé e. Wọ́n ní àwọn kì í ka àkókò àtúnṣe mọ́ ọn, òru ọjọ́ Àìkú mọ́jú ọjọ́ Ajé, aago méjìlá sí mẹ́rin, lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ìyẹn nìkan jẹ́ wákàtí 208 lọ́dún. Tí ẹ bá rò ó pọ̀ mọ́ 43.8 àkọ́kọ́, ó lé ní ọjọ́ mẹ́wàá. Ẹni tó ń ti ṣọ́ọ̀bù lálẹ́ lè má kà á sí, àmọ́ ẹni tó ń fi kámẹ́rà ṣọ́ ọjà rẹ̀ láti ilé gbọ́dọ̀ kà á sí. Wọ́n tún fi àìsí iná ọba sára ohun tó kọjá agbára wọn. Ẹ má gbà á. Jẹnẹrétọ̀ àti bátìrì ìdí máàsì wọn, ọrùn wọn ló wà.

Tí ẹ bá sì kọ̀, wọ́n lè fi 99.99% fà yín lójú. Ìyẹn kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 52 lọ lọ́dún. Tí katapílà bá gé wáyà fáìbà létí títì lẹ́ẹ̀kan péré, kí wọ́n tó wá ojú ibi tó ti gé, kí wọ́n tó so ó, ọ̀pọ̀ wákàtí ti lọ. Ẹ bi wọ́n pé ọ̀nà kejì wo ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa gbà wọlé tí wáyà yẹn bá gé. Ẹni tí kò ní ọ̀nà kejì kò lè mú 99.99% ṣẹ. Mo fọkàn tán ẹni tó bá ṣèlérí 99.5% lóṣù ju òun lọ.

Ẹ ní kí wọ́n kọ "lóṣù" sínú ìwé, kí wọ́n kọ iye náírà tí wọ́n máa yọ fún wákàtí kọ̀ọ̀kan tó bá lé, kí kíkà sì bẹ̀rẹ̀ látìgbà tí ẹ bá fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́, kì í ṣe ìgbà tó bá wù wọ́n láti gbé fóònù. Àbúrò mi ní kí wọ́n yí ti òun padà bẹ́ẹ̀, wọ́n kọ̀, ó sì ti já wáyà wọn. Ìwé kan náà ni wọ́n ṣì ń pín ní Dutse Alhaji lọ́sẹ̀ yìí.