Àgbéyẹ̀wò: WordPress, YouTube àti Paystack fún ìkànnì ìjọ, láti alẹ́ Sátidé dé àárọ̀ Mọ́ńdè

Irú ìjọ tí a ní lọ́kàn pọ̀ ní Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta: bí 300 ènìyàn ní ọjọ́ Ìsinmi, àwọn ọmọ ìjọ kan tí wọ́n ti kó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, akọ̀wé tó mọ fóònù lò dáadáa, àti akápò tó ṣì fẹ́ràn ìwé àkọsílẹ̀ ju kọ̀ǹpútà lọ. WordPress ni a fi kọ́ ìkànnì náà, àfikún ọ̀fẹ́ The Events Calendar ń tọ́jú ètò, YouTube ń gbé ìsìn jáde, Paystack ń gba ọrẹ. Ó tó fún iṣẹ́ náà. Àmọ́ bí o bá gbé wọn sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wá, wàhálà á bẹ̀rẹ̀ láàárín Sátidé sí Mọ́ńdè.

Kàlẹ́ńdà kọ́kọ́ ń tanni jẹ. Kí o tó kọ ètò kankan sí i, wọ Settings nínú WordPress, kí o tẹ General, kí o wá wo Timezone. Bí UTC+0 bá ṣì wà níbẹ̀, ìsìn aago 9 àárọ̀ yóò hàn ní 9 lójú ìkànnì, kò sì sẹ́ni tó máa fura. Ẹni tó bá tẹ bọ́tìnì tó ń gbé ètò náà sínú kàlẹ́ńdà fóònù rẹ̀ ni yóò bá aago 10 níbẹ̀, ìwàásù á sì ti jìnnà kó tó dé. `Africa/Lagos` ni kí o yàn. Nítorí àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù, kọ “aago Nàìjíríà” sí iwájú àkókò gbogbo, má sì fi ọwọ́ kọ aago tiwọn: láti Àìkú tó kẹ́yìn oṣù Kẹta títí di Àìkú tó kẹ́yìn oṣù Kẹwàá, aago wa bára mu, láti ìgbà náà lọ, wákàtí kan ni a fi ń ṣáájú wọn.

Ẹ̀dà ọ̀fẹ́ The Events Calendar kò lè tún ètò kan náà ṣe lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ̀dà Pro tí wọ́n ń tà ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. A kò rà á, a kò sì kábàámọ̀. Ìsìn Àìkú àti ẹ̀kọ́ Bíbélì ọjọ́ Wẹ́sídè kò yí padà, nítorí náà ìlà méjì lójú ewé àkọ́kọ́ ti tó wọn. Ìkórè, àìsùn àti ìpàdé ẹgbẹ́ ni kí kàlẹ́ńdà máa gbé. Kàlẹ́ńdà tí ohun kan náà kún inú rẹ̀ kò sẹ́ni tó ń wò ó.

Ìfilọ̀ rọrùn jù lọ, ṣùgbọ́n ó ní àléébù kan. Akọ̀wé lè kọ ìfilọ̀ ní Fráídè, kó ní kó jáde ní aago 8 alẹ́ Sátidé. Bí kò bá sí ẹni tó ṣí ìkànnì ní àkókò yẹn, WordPress lè máà gbé e jáde, nítorí ìgbà tí àlejò bá wọlé ló máa ń rántí iṣẹ́ tí a fún un. “Missed schedule” ni wàá rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ àkọlé rẹ̀. Fi ìlà yìí sínú `wp-config.php`:

```php
define('DISABLE_WP_CRON', true);
```

Lẹ́yìn náà, lọ sí Cron Jobs nínú cPanel, ojú ìṣàkóso tí ilé-iṣẹ́ tó gba ìkànnì rẹ sílé fún ọ, kí o ní kó máa ṣí `wp-cron.php` ti ìkànnì rẹ ní ìṣẹ́jú 15-15. Tí o bá ṣe èkíní tí o gbàgbé èkejì, kò ní sí ìfilọ̀ tí a ti dá àkókò fún tó máa jáde mọ́ rárá.

Láìfù. Bí ìkànnì YouTube ìjọ bá jẹ́ tuntun, fi nọ́ńbà fóònù jẹ́rìí sí i kó tó di ọjọ́ Sátidé, nítorí ìgbà àkọ́kọ́ tí o bá tan láìfù lè gba wákàtí 24 kí wọ́n tó fún ọ láyè. Lójú ewé láìfù, má máa pààrọ̀ líǹkì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Èyí ń mú láìfù tó bá ń lọ lọ́wọ́ wá fúnra rẹ̀:

```html
<iframe src="https://www.youtube.com/embed/live_stream?channel=UCxxxx" allowfullscreen></iframe>
```

Nọ́ńbà ìdánimọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú UC, tó wà ní Advanced settings ti YouTube, ni kí o fi sí i. Orúkọ tó ní @ níwájú kò ní ṣiṣẹ́. Láìfù gbọ́dọ̀ wà ní Public, torí bó bá wà ní Unlisted, àpótí òfìfo ni àwọn ènìyàn á máa wò. Òfìfo náà ló máa ń jẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀, nítorí náà fi líǹkì àwọn ìsìn tó ti kọjá sí ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Dátà ṣeé ṣírò. Ní 2,500 kbps, ìsìn wákàtí 3 ń jẹ nǹkan bí GB 3.4. Ohun tó ń já láìfù kì í sábà jẹ́ iye dátà. Agbára ìfiránṣẹ́, ìyẹn upload, ló máa ń fà á. Ó yẹ kó tó ìlọ́po méjì ohun tí o fẹ́ rán, ìyẹn bí 5 Mbps. Àwọn tó ń wọ̀n ọ́n ní Túsìdeè ń tan ara wọn jẹ: ní àárọ̀ Àìkú, 300 fóònù ló ń bá ẹ̀rọ rẹ du òpó kan náà. Aago 10 Àìkú ni kí o wọ̀n ọ́n. Tí kò bá tó, sọ àwòrán kalẹ̀ sí 480p, kí o fi 1,000 kbps rán an. Àwọn tó wà nílé á fara da àwòrán tó ṣú díẹ̀, wọn ò ní fara da ìwàásù tó ń já.

Owó ló yẹ kó gba àkókò rẹ jù. Fún káàdì Nàìjíríà, Paystack ń gba 1.5% pẹ̀lú ₦100. ₦100 yẹn kò sí fún owó tí kò tó ₦2,500, owó tí wọ́n ń yọ kì í sì í kọjá ₦2,000. Jẹ́ ká wo Àìkú kan: ogójì ènìyàn fi ₦1,000 sílẹ̀, 12 fi ₦5,000, ẹnì kan fi ₦200,000 fún ilé kíkọ́. Àròpọ̀ rẹ̀ ₦300,000. Wọ́n yọ ₦15 lórí ₦1,000 kọ̀ọ̀kan (₦600), ₦175 lórí ₦5,000 kọ̀ọ̀kan (₦2,100), ₦2,000 lórí èyí tó kẹ́yìn. Ohun tó máa wọ báńkì ní ọjọ́ iṣẹ́ tó tẹ̀ lé e ni ₦295,300.

Owó ẹyọ kan ṣoṣo ló wọlé yẹn, akápò kò sì lè mọ èwo ni ìdámẹ́wàá, èwo ni ti ilé kíkọ́. Ibi tí ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Má ṣe ojú ewé ọrẹ kan ṣoṣo. Ṣe Payment Page mẹ́ta, ìdámẹ́wàá, ọrẹ àti ilé kíkọ́, kí o fi bọ́tìnì mẹ́ta sójú ìkànnì. Ní Mọ́ńdè, akápò á wọ Transactions, á tẹ Export, á sì to àkọsílẹ̀ náà ní ìdí-ìdí kó tó fi wé ohun tó wọ báńkì.

Ó ṣeé ṣe láti ní kí olùfúnni san owó tí wọ́n ń yọ fúnra rẹ̀. A kò gbà á nímọ̀ràn: ẹni tó fẹ́ fi ₦5,000 sílẹ̀ á rí nǹkan bí ₦5,178 tí wọ́n yọ, á sì pe pásítọ̀. Àwọn tó ń fi káàdì òkè òkun san wà lábẹ́ 3.9% pẹ̀lú ₦100, kò sì sí òdiwọ̀n ₦2,000 níbẹ̀. Lórí ₦50,000, ₦2,050 ni. Bí ìjọ bá ní ẹ̀ka tó forúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àjọ àánú ní Bìrìtéènì, ojú ewé ọ̀tọ̀ ni kí wọ́n ṣe fún un, nítorí Gift Aid, penny 25 tí ìjọba ibẹ̀ ń fi kún pọ́ùn kọ̀ọ̀kan, kò sí fún owó tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí Ìbàdàn.

Àkántì Paystack náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ti orúkọ tí ìjọ fi sílẹ̀ ní CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ àti ìjọ sílẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ti pásítọ̀, kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ọmọkùnrin tó kọ́ ìkànnì náà.

Kí ẹ tó ṣe ìfilọ̀ rẹ̀ nínú ìsìn, ẹ fi fóònù tí kò wọ́n, tó ń lo dátà tirẹ̀, san ₦1,000 lórí ojú ewé kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ Tọ́sìdeè. Ní Fráídè, ₦2,955 ló yẹ kó wọlé sí báńkì, ìlà mẹ́ta ló sì yẹ kó wà nínú àkọsílẹ̀. Bí iye mìíràn bá wọlé, ẹ má tíì jẹ́ kí pásítọ̀ kéde líǹkì náà.