Iye Àwọn Tó Ń Tẹ̀ Lé Yín àti Ọ̀rọ̀ Ẹnu Oníbàárà: Èwo Ló Mọ Ẹni Tó Ń Rà?

Ẹ jẹ́ ká mú ẹni tó ń ta èlùbọ́ iṣu ní Kàbà: ó ń polówó lórí Fesibúùkù, ó ń gba iṣẹ́ lórí Wọ́sáàpù. Ó fẹ́ mọ irú ẹni tó ń rajà lọ́wọ́ òun kó tó náwó sí ìpolówó àti ọ̀rá tó fi ń di ọjà.

Insights, ojú ìwé tí Fesibúùkù ti ń fi irú ẹni tó ń tẹ̀ lé yín hàn, yá, ọ̀fẹ́ sì ni. Ọjọ́ orí, akọ tàbí abo, ìlú: ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti tó. Instagíráàmù ní tirẹ̀ kì í fi í hàn àfi bí àwọn tó ń tẹ̀ lé yín bá tó 100.

Ibi tó ti ń jẹ owó ẹni ni pé ẹni tó tẹ̀ lé yín ló ń kà, kì í ṣe ẹni tó sanwó. Ẹ pín káàdì ìpè ọ̀fẹ́ lẹ́ẹ̀kan péré, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Kàbà àti Lọ́kọ́ja á ya wọlé. Insights á wá sọ pé ọkùnrin ọmọ ọdún 18 sí 24 loníbàárà yín. Ẹ̀ á di ọ̀rá kékeré, ẹ̀ á darí ìpolówó sí wọn, ẹnikẹ́ni ò ní rà. Bí ẹ ṣe máa mọ̀ nìyí: ẹ kọ orúkọ 30 tó sanwó kẹ́yìn, kẹ́ ẹ wo mélòó nínú wọn ló ń tẹ̀ lé yín. Bí wọn ò bá tó ìdajì, ẹlòmíràn ni ojú ìwé yẹn ń ṣàpèjúwe.

Ọ̀rọ̀ Wọ́sáàpù gba sùúrù, bí ìrọ̀lẹ́ méjì. Ẹ ṣí ti àwọn 30 náà, kí ẹ kọ nǹkan mẹ́ta nípa ẹnì kọ̀ọ̀kan: ohun tó kọ́kọ́ bèèrè, ibi tí ẹrù lọ, ohun tó mú un lọ́ra kó tó sanwó. Bó ṣe sọ ọ́ gan-an ni kẹ́ ẹ kọ ọ́. Ẹ yọ orúkọ àti nọ́ńbà kúrò.

Ká ní obìnrin kan ní Kubwa kọ́kọ́ bèèrè pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kò ní yanrìn?” kó tó dárúkọ owó. Òmíràn ní Lugbe ń ra àpò méjì fún ìsìnkú ní Ìsánlú: òun sanwó láti Àbújá, àbúrò rẹ̀ wá gbé e ní Kàbà. Ẹni àkọ́kọ́ ń fẹ́ fídíò ibi tí ẹ ti ń jọ̀ ọ́. Ẹnì kejì ń fẹ́ ọjọ́ tó dájú àti nọ́ńbà ẹni tí àbúrò rẹ̀ máa pè. Obìnrin ni àwọn méjèèjì, ẹni bí ogójì ọdún, ará Àbújá: ojú kan náà ni Insights máa kó wọn sí.

Àléébù ibẹ̀ ni pé ẹni tí kò rà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ ka ti mẹ́wàá tó bèèrè owó tí wọ́n sì dákẹ́. Bí ẹ bá pe èèyàn, ẹ má bèèrè pé “Ṣé ẹ máa rà á?” Wọ́n á ní bẹ́ẹ̀ ni, kí wọ́n má baà dójú tì yín. Ẹ bèèrè pé, “Nígbà tí ẹ rà á kẹ́yìn, ọ̀dọ̀ ta lẹ ti rà á, kí ló dé tẹ́ ò padà lọ?”

Àwọn méjèèjì níṣẹ́ tiwọn. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ẹnu ya àwòrán oníbàárà ná. Tó bá ku kí ẹ yan wákàtí tí ẹ máa gbé ìpolówó jáde, ẹ wá ṣí Insights.