Kóòtù súùtù ìgbéyàwó mi dé nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́rin, kò sì padé láyà mi

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo lọ gba wébíìlì mi ní garéèjì Ìwó Róòdù n'Ìbàdàn. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ìgbéyàwó. Mi ò lè ní sùúrù dé ilé, inú ọkọ̀ àbúrò mi ni mo ti tú báàgì náà, tí mo gbé kóòtù wọ̀. Apá wọlé, èjìká jókòó bó ṣe yẹ, inú mi sì dùn. Mo wá fa bọ́tìnì iwájú sójú ihò rẹ̀. Kò dé ibẹ̀, ó ku bí ìka kan. Mo fa ikùn mọ́ra, mo fi agídí ti bọ́tìnì wọlé. Bí mo ṣe fi ikùn sílẹ̀ ni aṣọ náà ká jọ láti ìdí bọ́tìnì lọ sí abíyá méjèèjì àti sí ìbàdí méjèèjì, bí ẹni fi ṣọ́ọ̀kì fa X sí mi láyà. Mo gbé apá sókè díẹ̀, mo gbọ́ nǹkan tó já "pá" lẹ́yìn mi. Òwú ni.

Àbúrò mi ò sọ nǹkan kan. Ó kàn pa ẹ́ńjìnnì ọkọ̀.

Nítorí ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni mo ṣe ń kọ èyí. Ilé ìránṣọ kan l'Ékòó ló rán súùtù náà, mi ò ní dárúkọ wọn. Orí fóònù ni wọ́n ti ń gba iṣẹ́: wọ́n á fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́, ìwọ á kọ ìwọ̀n rẹ sí i, wàá sanwó, wọ́n á rán an. Ẹgbẹ̀rún márùndínláàádọ́sàn-án náírà (₦165,000) ni mo san, mo sì san gbogbo rẹ̀ kí wọ́n tó fi síṣọ́ọ̀sì kan aṣọ. Aṣọ tó dára ni, ẹ jẹ́ kí n sọ òdodo. Búlúù tó dúdú, òwú rẹ̀ ní òórùn ẹran tí ojúlówó wúùlù máa ń ní bí omi bá kàn án, bọ́tìnì rẹ̀ ò sì mi. Ọwọ́ ẹni tó rán an mọ́.

Mo pè wọ́n. Wọn ò gbé e. Mo fi àwòrán ránṣẹ́ sórí Wọ́sáàpù. Lẹ́yìn wákàtí kan àti ààbọ̀, arábìnrin tó ń bójú tó oníbàárà dáhùn: "Ẹ kú ọ̀sán, sà. Ohun tí ẹ kọ ránṣẹ́ la rán o, sà." Ó wá fi fọ́ọ̀mù tí èmi fúnra mi kọ ránṣẹ́ padà, ó fi ìlà pupa yí ibi kan ká: "Chest: 42". Mo ní kóòtù náà ò padé. Ó ní, "Àbí ẹ ti sanra láti ìgbà yẹn, sà?"

Ìbéèrè yẹn ló dá ìbínú sílẹ̀ nínú mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló wà láàárín ìgbà tí wọ́n wọn ara mi àti ìgbà tí aṣọ dé. Mo ní kí ó fún mi ní ẹni tó gé aṣọ náà kí n bá a sọ̀rọ̀. Ó ní ẹni tó gé aṣọ kì í bá oníbàárà sọ̀rọ̀. Ó ní kí n dá a padà, wọ́n á rán òmíràn láàárín ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá. Mo kọ ọ́ sí i pé ìgbéyàwó ku ọjọ́ mẹ́rin. Ó ní, "A kú oríire ṣíwájú o, sà."

Mo gbé kóòtù náà, ó di ọ̀dọ̀ Bàbá télọ̀ ní Mókọ́lá. Àwọn ló rán aṣọ tí mo wọ̀ parí ilé ìwé, àwọn náà ló sì fi tépù wọn ara mi fún iṣẹ́ Èkó yìí. Wọ́n kọ́kọ́ tún àyà mi wọ̀n: 42. N kò sanra. Wọ́n wá tẹ́ kóòtù sórí tábìlì, wọ́n dé bọ́tìnì rẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ nà án kó lè gún, wọ́n sì fi tépù wọ̀n ọ́n láti abíyá kan dé ìkejì. Ínṣì 21. Iwájú 21, ẹ̀yìn 21, àpapọ̀ rẹ̀ 42 gẹ́lẹ́. Bàbá wò mí, wọ́n ní, "Ọkọ ìyàwó, awọ ara rẹ ni wọ́n rán fún ọ. Wọn ò fi ibi tí wàá ti mí sílẹ̀."

Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti yé mi. Tí wọ́n bá ní kóòtù jẹ́ 42, ara ẹni tó máa wọ̀ ọ́ ló jẹ́ 42. Kóòtù fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ ní ínṣì mẹ́ta tàbí mẹ́rin, nítorí ṣẹ́ẹ̀tì wà lábẹ́ rẹ̀, ẹni náà á mí, á sì gbé apá. Èjìká àti gígùn apá kì í nílò àfikún bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn méjèèjì fi bá mi mu pátápátá. Gbogbo ibi tí tépù ti yí ara ká ló fún: àyà, ikùn, ìbàdí, itan. Bí tìrẹ náà bá dé tí èjìká jókòó ṣùgbọ́n tí àyà ò padé, ibẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ wò. Tẹ́ ẹ sílẹ̀, wọ̀n ọ́n láti abíyá dé abíyá, sọ ọ́ di méjì. Bí ó bá bá ìwọ̀n ara rẹ dọ́gba, o ò sanra, wọn ò fi àyè sí i ni.

Báwo ló ṣe ṣẹlẹ̀? Bàbá télọ̀ máa ń kọ ìwọ̀n ara gan-an sílẹ̀, ìgbà tí wọ́n bá ń gé aṣọ ni wọ́n tó máa fi àyè sí i. Àwọn télọ̀ mìíràn máa ń ki ìka sábẹ́ tépù, àyè ti wà nínú nọ́ńbà tí wọ́n kọ sílẹ̀. Fọ́ọ̀mù Èkó ò béèrè èwo nínú méjèèjì ni tìrẹ.

Alẹ́ ọjọ́ náà ni nǹkan yí padà. Aago mẹ́sàn-án ti kọjá, nọ́ńbà tí n kò mọ̀ pè mí. Ọkùnrin ni, ohùn rẹ̀ ti rẹ̀ ẹ́. "Ẹ kú alẹ́, bọ̀ọ̀dá mi. Èmi ni mo gé kóòtù yín. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí àwòrán tí ẹ fi ránṣẹ́ ni. Ẹ má bínú, àṣìṣe mi ni. Mo rò pé télọ̀ yín ti fi àyè sí i." Kò dá mi lẹ́bi, kò sì dá Bàbá lẹ́bi. Ó ní kí n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé nǹkan kan kúrò lára aṣọ náà, torí òun fi àlàwáǹsì tó pọ̀, ìyẹn aṣọ àfikún, sílẹ̀ nínú ojú ìrán, ó sì sọ ibi tí ó wà fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Láàárọ̀ Ọjọ́rú ó tún pè, ó wà lórí fídíò pẹ̀lú Bàbá bíi ogójì ìṣẹ́jú, tó ń pè wọ́n ní "Ọ̀gá mi" látìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Bàbá tú ìsàlẹ̀ aṣọ inú, wọ́n yí kóòtù náà síta bí ẹni bó ọ̀gẹ̀dẹ̀. Àlàwáǹsì wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ojú ìrán àárín ẹ̀yìn ní ínṣì kan lápá ọ̀tún, ínṣì kan lápá òsì. Wọ́n tú u, wọ́n sì rí ínṣì kan àti ààbọ̀ gbà níbẹ̀. Wọn ò bẹ̀rẹ̀ láti ọrùn o, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ kí kọ́là má bàa yẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan mú ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ínṣì wá. Gbogbo rẹ̀ di ínṣì mẹ́ta, kóòtù kúrò ní 42, ó di 45. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀gbẹ́ bá fẹ̀, ihò apá á fẹ̀ pẹ̀lú, nítorí náà wọ́n tú abẹ́ apá náà kí ó lè bá a dọ́gba. Iṣẹ́ yẹn ló gba Ọjọ́rú tán. Kóòtù náà ò ní ojú tí wọ́n là sílẹ̀ lẹ́yìn tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́, ìyẹn ló gbà wá. Ká ní ó ní in ni, Bàbá ní ọjọ́ méjì ò ní tó.

Ojú abẹ́rẹ́ àtijọ́ wá ń hàn lórí búlúù náà, ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn. Bàbá pò fínígà funfun díẹ̀ mọ́ omi, wọ́n rẹ aṣọ funfun sínú rẹ̀, wọ́n tẹ́ ẹ lé ìlà náà, wọ́n gbé áyọ́ọ̀nù gbígbóná lé e. Èéfín rú, òórùn kíkan gba ṣọ́ọ̀bù. Ìgbà kẹta ni ìlà ẹ̀yìn lọ. Èyí tó wà lábẹ́ abíyá òsì ò lọ tán títí dòní, ṣùgbọ́n kì í hàn àfi bí mo bá gbé apá.

Ṣòkòtò ni kò rí ìgbàlà tó bẹ́ẹ̀. Ìdí ní àlàwáǹsì, ó padà dára. Itan ò ní ju ààbọ̀ ínṣì lọ, ohun tí ó sì lè mú wá náà nìyẹn. Nígbà tí pásítọ̀ ní ká kúnlẹ̀, mo fi ọwọ́ fa itan ṣòkòtò sókè kí n tó kúnlẹ̀, mo sì ń gbàdúrà fún ojú ìrán pọ̀ mọ́ àdúrà ìgbéyàwó. Kò ya.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ẹni tó gé aṣọ náà fi ₦20,000 ránṣẹ́ sí àkáǹtì Bàbá, láìjẹ́ pé mo béèrè. Ó ní owó iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni. Inú mi dùn sí ọkùnrin yẹn, mo sì fi àwòrán ìgbéyàwó ránṣẹ́ sí i. Arábìnrin orí Wọ́sáàpù ò bẹ̀ mí rárá, kò sì fi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́ mọ́.

Bí ẹ bá fẹ́ ránṣẹ́ sí irú wọn, ẹ kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ gbogbo nọ́ńbà pé ìwọ̀n ara ni, ẹ fi àyè sí i. Tàbí kí ẹ mú kóòtù tó bá yín mu nílé, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀, ẹ wọ̀n ọ́n láti abíyá dé abíyá, ẹ fi àwòrán tépù náà ránṣẹ́. Kí ó sì dé ó kéré tán ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ọjọ́ tó pé.

Lánàá mo tún ṣí fọ́ọ̀mù wọn. "Chest" ṣì dá wà níbẹ̀ láìsí àlàyé.

Ìyàwó mi ní ìràwọ̀ méjì ló tọ́ sí wọn nínú márùn-ún. Mo fún wọn ní mẹ́rin.