Ìrántí Kan Ṣoṣo àbí Àfiyèsí: Kí Ni Àdùkẹ́ Gún?

Ẹ wo gbólóhùn Ògbómọ̀ṣọ́ yìí: “Àdùkẹ́ ra iṣu ní Tákíé, ó sì gún un.” Módẹ́ẹ̀lì àtijọ́ tí kọ̀ǹpútà fi ń lo èdè a máa ka ọ̀rọ̀ níkọ̀ọ̀kan sínú ìrántí kan ṣoṣo, nítorí náà “iṣu” lè ti ṣá kó tó dé “un”. Nínú tiransifọ́mà, irú módẹ́ẹ̀lì tuntun tó jáde ní 2017, “un” ń fi ara rẹ̀ wé ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ní tààrà láti mọ èyí tó yẹ kó fiyè sí jù; èyí ni àfiyèsí. Ká ní (àpẹẹrẹ tèmi ni) “iṣu” gba 0.7 nínú àfiyèsí “un”, “gún” gba 0.2, tí ìyókù pín 0.1, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 1, ìtumọ̀ “iṣu” ni yóò sì wọ inú “un” jù. Èyí ni mo fara mọ́, àmọ́ ó ń náni: ọ̀rọ̀ 9 ń fẹ́ ìfiwéra 81, ọ̀rọ̀ 18 sì ń fẹ́ 324.