Ká tún un kọ, àbí ká tún un ṣe?

Ìyá kan tó ń ta gàrí ní Kétu kọ ọ̀rọ̀ yìí sí oníbàárà rẹ̀ ní Àjàṣẹ́, ó sì ní kí a bá òun tún un wò kí òun tó fi ránṣẹ́: «Ọmọ mi o kú ọjọ́ mẹ́ta owó gàrí ìjọsí 15 000 sẹ́fà ò tíì dé o mo fẹ́ rajà bá mi wá nǹkan ṣe sí i»

Ẹni tó tún un kọ pátápátá sọ ọ́ di: «Oníbàárà wa ọ̀wọ́n, a fẹ́ rán yín létí pé ẹ jẹ wá ní 15 000 sẹ́fà.» Kò sí àṣìṣe níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni «wa»? Ìyá nìkan ló ń tajà. «O» ti di «ẹ», «ọmọ mi» ti sọnù; ẹni tó gbà á lè rò pé ìyá ń bínú.

Ẹni tó tún un ṣe kò fi nǹkan kún un ju àmì àti lẹ́tà ńlá lọ: «Ọmọ mi, o kú ọjọ́ mẹ́ta. Owó gàrí ìjọsí, 15 000 sẹ́fà, ò tíì dé o. Mo fẹ́ rajà. Bá mi wá nǹkan ṣe sí i.» Èyí ni mo fara mọ́. «O» kékeré tó wà lẹ́yìn «dé» yẹn ló ń mú ọ̀rọ̀ gbèsè náà rọ̀, èmi ò ní yọ ọ́.

Kí ìyá tó fi ránṣẹ́, kà á sókè sí i létí. Ibi tó bá ti ní «èmi ò ní sọ báyìí», dá ọ̀rọ̀ tirẹ̀ padà síbẹ̀. Ti lẹ́tà sí ilé ìjọba yàtọ̀ o. Ibẹ̀ ni «ọmọ mi» ò ti bá a mu.