Àgbéyẹ̀wò wíìgì oníléèsì kan: àwọ̀ agbárí ni ó yẹ kí léèsì bá mu, kì í ṣe àwọ̀ ẹ̀rẹ̀kẹ́

Ó ti pé oṣù mẹ́ta tí mo ti ń dé wíìgì tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Irun ènìyàn ni wọ́n fi ṣe é, léèsì iwájú rẹ̀, àwọ̀n fẹ́lẹ́ tí wọ́n ta irun mọ́, gùn ní ínǹṣì 13 láti etí kan dé èkejì, ó sì wọ ínǹṣì 4 sẹ́yìn, tí ó fi jẹ́ pé mo lè la irun náà sí àárín tàbí sí ẹ̀gbẹ́ bí ó bá ṣe wù mí. Ẹni tí ó tà á kọ ọ́ sára páálí rẹ̀ pé léèsì náà kò ní àwọ̀ kankan, nítorí náà yóò bá awọ ara gbogbo ènìyàn mu. Irun náà dára, n kò ní ẹ̀sùn kankan sí i. Ọ̀rọ̀ ara páálí yẹn ni n kò fara mọ́.

Èmi dúdú, awọ mi sì ní pupa díẹ̀ lábẹ́ dúdú náà. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dé wíìgì yìí, mo wo dígí lábẹ́ iná yàrá, n kò sì rí àléébù kankan. Ìgbà tí àbúrò mi obìnrin bá mi dúró lẹ́bàá fèrèsé ni àṣírí tú. Ó tẹjú mọ́ iwájú orí mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé àtíkè ni ẹ fi síwájú orí tí ẹ kò pa á dáadáa?" N kò fi àtíkè síbẹ̀ rárá, léèsì ni ó ń wò. Òwú tí wọ́n fi hun léèsì tí wọ́n ń pè ní aláìláwọ̀ ṣì funfun díẹ̀, ó sì máa ń dá ìmọ́lẹ̀ padà. Lára ẹni tí ó pupa, funfun yẹn á rá mọ́ awọ, ojú kò ní tètè rí i. Lára irú èmi, ńṣe ni ó hàn bí ẹni pé wọ́n fẹ́ eérú sí mi níwájú orí.

Mo wá pinnu láti pa léèsì náà láró, mo sì ṣe àṣìṣe méjì kí ó tó bọ́ sí i. Èkíní ni pé mo fi léèsì náà wé ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi láti mọ àwọ̀ tí n ó lépa. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ kọ́ ni léèsì yóò jókòó lé. Nígbà tí mo la irun orí mi gan-an, tí mo fi dígí kékeré wo ojú ibi tí mo là, mo rí i pé agbárí mi mọ́lẹ̀ ju iwájú orí mi lọ, nítorí pé irun ti ń bò ó lọ́wọ́ oòrùn láti ọjọ́ pípẹ́. Iwájú orí mi, ní tirẹ̀, dúdú ju ẹ̀rẹ̀kẹ́ lọ. Àwọ̀ méjì ni léèsì kan ṣoṣo yìí ní láti jẹ́, nígbà náà: ibi tí a ti la irun gbọ́dọ̀ jọ agbárí, etí rẹ̀ tí ó kan awọ ojú sì gbọ́dọ̀ jọ iwájú orí. Ẹni tí ó bá pa gbogbo rẹ̀ ní àwọ̀ ojú, bí a bá ti dúró lókè orí rẹ̀ ni a ó rí i pé ibi tí ó ti la irun dúdú jù, kò sì jọ awọ orí ènìyàn.

Àṣìṣe kejì ni pé mo pa á láró kí n tó ṣe àwọn kókó rẹ̀. Okùn irun kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ta ní kókó mọ́ léèsì, àwọn kókó wọ̀nyí sì máa ń hàn bí tóótòòtó dúdú lójú ibi tí a ti la irun. Ìyẹ̀fun búlíìṣì ni a fi ń mú wọn mọ́lẹ̀, búlíìṣì náà sì ba aró tí mo ti kọ́kọ́ ṣe jẹ́, ni mo bá tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo po búlíìṣì náà kí ó ki bí ìpara, nítorí pé bí ó bá ṣàn, yóò gba inú ihò léèsì kọjá sí ìdí irun, ìdí irun á sì di pupa. Inú léèsì, níbi tí ó máa ń kan agbárí, ni mo fi rọra tẹ́ ẹ sí láìtẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, mo sì ń wò ó ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún. Nígbà tí kókó kúrò ní dúdú, tí ó di àwọ̀ ilẹ̀, mo fọ̀ ọ́ kúrò lójú ẹsẹ̀. Bí a bá dúró kí ó funfun, kókó á gbó, irun á sì máa já bọ́. Àwọ̀ ọsàn díẹ̀ tí ó ṣẹ́kù, ṣampú aláwọ̀ búlúù ni mo fi pa á.

Tíì lásán ni mo fi ṣe aró: àpò tíì mẹ́ta nínú ife omi gbígbóná kan, mo sì jẹ́ kí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Mo ká irun sẹ́yìn, mo dè é, mo wá ri léèsì nìkan sínú rẹ̀. Léèsì tútù máa ń dúdú ju bí yóò ṣe rí nígbà tí ó bá gbẹ lọ, nítorí náà mo yọ ọ́, mo gbẹ ẹ́, mo gbé e lé ojú ibi tí mo la irun mi lẹ́bàá fèrèsé, mo sì tún rì í padà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ṣe bẹ́ẹ̀ kí ó tó jọ agbárí mi. Fún etí rẹ̀ tí ó kan iwájú orí, àtíkè àwọ̀ iwájú orí mi ni mo fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré tẹ̀ mọ́ ọn láti abẹ́. Bí a bá fi í sí òkè, orí irun ni yóò dúró lé, ọwọ́ á sì máa nù ún kúrò.

Ẹni tí ó tà á ní wọ́n ti fa díẹ̀ tu lára irun etí iwájú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí ó lè jọ irun tí ó hù lórí. Òótọ́ ni pé wọ́n tu ú, ṣùgbọ́n ó tọ́ gbọọrọ bí ẹni fi rúlà fà á, irun ẹ̀yìn rẹ̀ sì ṣù lójijì. Mo fi ẹ̀mú kékeré tu irun ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, láti ẹsẹ̀ kejì àti ìkẹta ju ti iwájú pátápátá lọ, ní ségesège, títí irun fi ń pọ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ó ṣe ń lọ sẹ́yìn. Ẹ má tu ojú kan lẹ́ẹ̀mejì. Ihò tí ó bá ṣí síbẹ̀ kò ní dí mọ́.

Gúlù fẹ́lẹ́ ni mo ń lò, mo sì máa ń dúró kí funfun rẹ̀ kúrò kí n tó tẹ léèsì lé e. Ìgbà kan ṣoṣo tí mo kánjú, òógùn mú kí gúlù náà padà funfun láàárín ọjọ́, gbogbo iṣẹ́ aró sì di asán.

Báyìí, ẹni tí ó bá mi jókòó ní ìfẹ̀gbẹ́kẹ̀gbẹ́ kì í mọ̀. Ṣùgbọ́n aró tíì kì í pẹ́: lẹ́yìn fífọ̀ méjì, eérú yẹn á tún bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú, n ó sì tún gbé omi kaná. Bí oòrùn bá sì ta sí mi láti ẹ̀gbẹ́, a ṣì lè rí etí léèsì lẹ́bàá ẹ̀bátí, níbi tí awọ mi ti mọ́lẹ̀ díẹ̀ sí i. Mo fún wíìgì náà ní ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún. Ọ̀kan tí mo yọ, ti ọ̀rọ̀ ara páálí ni.